Ẹ̀ẹ̀kan Péré, Lójoojúmọ́

Àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa tó mọ òfin ẹgbẹ́ lórí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá Akọ̀wé ni gbogbo wa ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá fi líǹkì ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, tí Bàbá Akọ̀wé sì fọwọ́ kàn án, fóònù Android rẹ̀ á yọ pátákó funfun kékeré kan jáde láti ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ Open with sí i lórí. Orúkọ buráúsà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Chrome, Opera Mini àti Firefox, ọ̀rọ̀ méjì sì tẹ̀lé wọn nísàlẹ̀: Just once àti Always. Bàbá á pòṣé. Á yan Chrome, á sì tẹ Just once. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yíjú sí wa pé, "Ẹ ò rí i bí fóònù yìí ṣe ń da ìbéèrè bò mí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń da ìbéèrè bo ta? Ọmọ ọ̀dọ̀ béèrè láàárọ̀ pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí àlejò máa gbà wọlé ni, àbí ti ẹ̀yìn?" Ọ̀gá dáhùn pé, "Ti iwájú, àmọ́ ti òní nìkan ni o." Nígbà tí ọmọ náà tún béèrè lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá fi igbe bọnu pé ọmọ yìí kò gbọ́n. Ta ni kò gbọ́n nínú àwọn méjèèjì?

Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹni tí kò sọ ohun tó fẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bá a sọ ọ́. Ẹni tó panu mọ́ ni wọ́n ń bá wí. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn yóò máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí yóò sì rí bákan náà bí ẹni tó yadi. Nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Just once rí létí fóònù. Bí o bá tẹ ẹ́, fóònù á ṣí líǹkì ìsinsìnyí, kò sì ní kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí líǹkì mìíràn bá dé ní ìṣẹ́jú méjì sí i, fóònù á tún wo àwọn áàpù tó lè ṣí i, á rí mẹ́ta, kò ní rí ìwé kankan tó sọ èyí tí oníǹkan fẹ́, á sì tún béèrè. Kò láròjinlẹ̀, kò sì ní àrífín. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ṣe ló ń ṣe.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di wàhálà ni ìgbà tí akápò wa, ọ̀dọ́bìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, fi fọ́ọ̀mù Google ránṣẹ́ kí oníkálukú kọ iye iná mànàmáná tí ilé rẹ̀ ń lò. Èèyàn gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google rẹ̀ kó tó lè kọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, ìka Bàbá Akọ̀wé yẹ̀, ó kan Firefox. Fọ́ọ̀mù ní kó wá fi orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù hàn. Bàbá figbe ta. Ó ní àwọn oníjìbìtì ti gba àkáǹtì òun. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ gba báńkì lọ kí wọ́n lè ti owó òun pa.

Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Inú Chrome ni Bàbá ti wọlé sí Google láti ọjọ́ tó ti ra fóònù, àmì tí Google fi ń dá a mọ̀ sì wà lọ́wọ́ Chrome. Páásíwọ̀ọ̀dù tó tọ́jú síbẹ̀ náà, ibẹ̀ ló wà. Firefox kò mọ̀ ọ́n rí. Buráúsà kan kì í yọjú wo àpò ìkejì. Nítorí náà ni ojú ewé kan náà, lórí fóònù kan náà, yóò fi kí ọ tọ̀yàyà tọ̀yàyà lónìí, tí yóò sì bi ọ́ lọ́la pé ta ni ọ́. Bí ẹ bá rí i pé ibi tí ẹ ti máa ń wọlé láìsí ìdíwọ́ ṣàdédé ń béèrè páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ kọ́kọ́ wo buráúsà tó ṣí i kí ẹ tó pariwo olè.

Akápò gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ n fi ibì kan hàn yín." Ó wọ Settings, ó tẹ Apps, ó tẹ Default apps, ó tẹ Browser app. Orúkọ buráúsà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta to síbẹ̀, ó fọwọ́ kan Chrome, ó parí. Ó ní fóònù mìíràn lè pe ibẹ̀ ní Choose default apps, àti pé ẹni tí kò bá rí i lè kọ "default" sínú àpótí ìwádìí tó wà lókè Settings, yóò gbé e jáde. Bàbá tẹ líǹkì fọ́ọ̀mù náà. Kò sí pátákó funfun, kò sí ìbéèrè, fọ́ọ̀mù ṣí, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi í pé, "Ta ló sọ fún ẹ?" bí ẹni pé àṣírí awo ni ọmọ náà tú.

Ẹ má rò pé ẹni tó ń tẹ Just once nìkan ni mo fẹ́ bá jà. Àbúrò mi kan wà ní òdì kejì. Ó fẹ́ràn láti dán buráúsà tuntun wò, kò sì sí èyí tí kì í béèrè, bó bá ti ṣí i nígbà àkọ́kọ́, pé ṣé kí òun di ààyò. Àbúrò mi kì í kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún, kí pátákó ṣáà kúrò níwájú òun. Fóònù kò lè ní ju ààyò kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà èyí tó béèrè kẹ́yìn ló ń borí. Ní ìparí oṣù, kò mọ ibi tí ohun tó ń kà lánàá wọlé sí. Bàbá Akọ̀wé kò fẹ́ pinnu. Àbúrò mi ń pinnu fún gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, àmọ́ mi ò ní fún èyíkéyìí nínú wọn ní fóònù mi dì mú.

Ohun tó kù ni pé ààyò tí a yàn ní agbára, àmọ́ agbára rẹ̀ ní ààlà. Bàbá padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Líǹkì YouTube kò lọ sí Chrome, áàpù YouTube ló ṣí i. Láti Android 6.0, tó jáde ní 2015, áàpù tó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun àti ìkànnì kan jẹ́ ti ẹnì kan náà lè gba líǹkì ìkànnì yẹn ṣáájú buráúsà. Fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní `assetlinks.json` ni ẹni tó ni ìkànnì ń gbé síbẹ̀ bí ẹ̀rí. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí Settings, Apps, ẹ yan YouTube, ẹ tẹ Open by default, kí ẹ sì pa Open supported links. Líǹkì á padà sí buráúsà.

Ààlà kejì ni Facebook àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ yan Chrome títí ọ̀la, líǹkì tí ẹ bá tẹ nínú Facebook sábà máa ń ṣí nínú Facebook fúnra rẹ̀, nínú fèrèsé tó dà bí buráúsà ṣùgbọ́n tí kò ní páásíwọ̀ọ̀dù yín. Ẹ lè fi ojú mọ̀ ọ́n: àmì X wà ní igun òkè, ẹ kò sì lè kọ àdírẹ́sì tuntun sí i bí ẹ ṣe ń ṣe nínú buráúsà. Ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tó ní kí ẹ ṣí i ní buráúsà ìta. Settings fóònù kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí líǹkì náà kò tilẹ̀ jáde kúrò ní ilé Facebook débi tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ fóònù.

Ibi tí inú ti ń bí mi gan-an nìyí. A ń fi Bàbá Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ òwe ìdákẹ́ yẹn jù wá lọ, wọ́n sì ń fi í ṣòwò. Kí oṣù kẹsàn-án 2020 tó dé, ẹni tó ní iPhone kò láṣẹ kankan láti yan buráúsà mìíràn fún líǹkì rẹ̀. iOS 14 ló gbà á láàyè. Nígbà tí Windows 11 jáde ní oṣù kẹwàá 2021, ẹni tó fẹ́ yí buráúsà padà ní láti yí i lọ́kọ̀ọ̀kan, fún HTTP lọ́tọ̀, fún HTTPS lọ́tọ̀, fún .htm lọ́tọ̀, fún .html lọ́tọ̀. Àárín 2022 kò tíì dé tí ariwo fi pọ̀ débi tí Microsoft fi fi bọ́tìnì kan ṣoṣo síbẹ̀, Set default. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni Google san 26.3 bílíọ̀nù dọ́là fún Apple àti àwọn mìíràn kí ẹ̀rọ ìwádìí rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí èèyàn á bá lórí fóònù àti buráúsà láìjẹ́ pé ó yàn án. Ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè é ló tú iye owó yẹn síta, Adájọ́ Amit Mehta sì dájọ́ ní oṣù kẹjọ 2024 pé Google rú òfin ìdíje. Kò sẹ́ni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ohun tí àwọn èèyàn á yí padà ní ọjọ́ kejì. Ìdákẹ́ wa ni wọ́n rà.

Nítorí náà, bí pátákó Open with bá tún yọ lórí fóònù yín, ẹ má pòṣé. Ẹ ronú fún ìṣẹ́jú kan nípa ibi tí àkáǹtì àti páásíwọ̀ọ̀dù yín wà, ẹ yan ibẹ̀, kí ẹ sì tẹ Always. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lóṣù tó ń bọ̀, inú Default apps kan náà ni ẹ ó ti yí i padà, kò sì sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.