Ẹ Má Tíì Sin Táyà Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi bi àwọn tó ń ta táyà ní Aduwawa: ìgbà wo ni ìṣó kan ṣoṣo di àrùn tí kò gbóògùn? Lójú ọ̀nà Bìní sí Auchi níbí, ìṣó kì í wọ́n wa. Ọ̀kan gún táyà mi. Ọ̀gbẹ́ni tí mo gbé e lọ bá kò tíì tú u lára rímù tó ti kéde ikú rẹ̀: "Ọ̀gá, eléyìí ti lọ. Ẹ ra tuntun." Àwọn táyà tuntun náà sì rèé, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló tò wọ́n sí. Ẹ ò rí i pé dókítà tó ń ta pósí ni mo bá pàdé?

Ohun tó dùn mí ni pé táyà yìí kò ṣẹ̀. Àárín ojú rẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ ni ìṣó wọ̀. Ihò tí kò bá ju mìlímítà 6 lọ ṣeé dí. Ìṣó yìí kò tó 4. Ojú táyà náà ṣì jìn ju mìlímítà 1.6 lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ní táyà ti jẹ tán. Ká ní ẹ̀gbẹ́ tàbí èjìká rẹ̀ ló gún ni, n ò bá panu mọ́, torí ibẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yí. Ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò ṣí.

Mo ní kó tún un ṣe. Ló bá fa okùn rọ́bà yọ, ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kì í bọ ihò láti ìta! Ṣebí òkú ni, báwo ló ṣe wá di ẹni tí abẹ́rẹ́ kan ń wò sàn?

Mo ní kó tú u, ká wo inú. Bí wọ́n bá ti wa táyà lófìfo, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ á ti bó, ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú á sì kún inú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni òkú, bó ti wù kí ihò kéré tó. Inú tèmi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ni kó fọ ihò, kó fi rọ́bà dí i látinú, kí òjò Bìní má baà wọlé lọ mú kí wáyà irin inú rẹ̀ dípẹtà. Kó ha ibi náà, kó kun gọ́ọ̀mù, kó jẹ́ kó gbẹ, kó wá lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ lé e, kó yí i mọ́ ọn dáadáa. Dídí ń lé omi, lílẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ mú. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí a bá fẹ́ ẹ, ká da omi ọṣẹ sí i: bí kò bá hó, ó ti yè.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ ra tuntun. Kí ẹ fi eléyìí sílẹ̀ fún mi." Mo ní kí ló fẹ́ fi òkú ṣe. Ó ní oníbàárà kan ń wá tòkunbọ̀.