Bí O Ṣe Lè Bi Àǹtí Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ Léèrè Ìdí Tí Wọn Ò Fi Mú Ọ

Lẹ́tà náà ti wọlé. O ti ṣe intafíù kẹta, èyí tó kẹ́yìn, ní ilé-iṣẹ́ kan tó wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yaba. Wọ́n fún ọ ní omi tútù, ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí ọ, ìyá rẹ ní Surulere sì ti ra mọ́ọ̀tì páálí méjì pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n kọ̀wé sí ọ pé àwọn dúpẹ́, ẹlòmíì làwọn mú. Wọn ò sọ ìdí. O fẹ́ mọ̀ ọ́n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn ò tíì pàdé rẹ. Tẹ̀ lé ìlànà yìí bó ṣe wà gan-an, má fi ọgbọ́n tìrẹ kún un.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Fèsì kí ago mẹ́rin tó lù

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Àwọn kan máa ń ní kí èèyàn sùn lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó fèsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìmọ̀ràn burúkú nìyẹn, torí pé tó o bá sùn, inú tó ń bí ọ á rọ̀, kí lo tún máa wá fi kọ lẹ́tà? Bó bá jẹ́ inú dánfó lo wà láàárín Barracks sí Ojúẹlẹ́gba, fi ọwọ́ kan di irin mú, fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Àṣìkọ á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ọ́ dénú. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Jẹ́ kí ìbéèrè rẹ fẹ̀ bí ọjà Tejúoṣó

Kọ ọ́ báyìí pé, “Kí ni mo ṣe fún yín?” Tó bá dà bíi pé ìyẹn kéré, fi “Ibo gan-an ni mo kù sí?” tì í lẹ́yìn. Má dárúkọ apá kan pàtó nínú intafíù náà, torí pé ìbéèrè tó bá ṣe pàtó ṣeé dáhùn, ìdáhùn sì lè wọlé wá bá ọ nílé. Ìbéèrè tó fẹ̀ ò ní ìdáhùn ju “àwọn tó wá dára púpọ̀” lọ. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n ti kọ pa mọ́ de gbogbo èèyàn, tìrẹ náà wà níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó o ń sá fún yìí fún ọ, kí o má baà ṣèèṣì kọ lù ú. Ní intafíù tó kẹ́yìn, àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú rẹ: ọ̀gá ẹ̀ka tó ń wá èèyàn, ẹni tó ń bójú tó owó, àti ẹni tó ń bójú tó àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé oògùn láti ilé ìkẹ́rù lọ sí àwọn ilé oògùn. Wọ́n ní kí o fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé bí owó epo ọ̀kadà méjìlá ṣe lè dín kù. Ìwé kan wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ohun mẹ́rin ni wọ́n ń fún ní máàkì níbẹ̀, márùn-ún sì ni máàkì tó pọ̀ jù: ìmọ̀ iṣẹ́, bó o ṣe ń ronú dé ìdáhùn, bó o ṣe ń ṣàlàyé, àti bó o ṣe máa bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. O gba márùn-ún nínú ìmọ̀ iṣẹ́. O gba mẹ́rin nínú àlàyé, àti mẹ́ta nínú bíbá èèyàn ṣiṣẹ́. Méjì lo gbà nínú bó o ṣe ń ronú, torí o ní owó epo á fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín kù, arákùnrin tó ń bójú tó owó sì bi ọ́ pé níbo lo ti rí iye lítà tí ọ̀kadà kan ń mu lójúmọ́. O ní, “Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, sà.”

Àpapọ̀ rẹ jẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tí wọ́n mú gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Máàkì kan ṣoṣo! Àlàyé tó o ń wá ò ju ìlà kan lọ, ẹ̀gbẹ́ ìwé arákùnrin owó yẹn ló sì wà. Má jẹ́ kí ìbéèrè rẹ dé ẹ̀gbẹ́ ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àǹtí tó kọ̀wé sí ọ nìkan ni kí o dì mú

Àǹtí yìí ò sí nínú yàrá. Òun ló pè ọ́, òun ló fi ọjọ́ sí i, òun ló fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àwọn tó dájọ́ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó o bá ní kó bá ọ bi ọ̀gá ẹ̀ka ní nǹkan kan, ó lè bá ọ bi í lóòótọ́. Torí náà, òun fúnra rẹ̀ ni kó dáhùn, lórí ohun tí ojú rẹ̀ ò tó.

Tún sọ fún un pé o ò fẹ́ ìpè. Ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó sì fi òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ lù ú. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ rí ló mọ̀ pé ohun téèyàn bá kọ sílẹ̀ lè padà wá di ẹ̀rí. Wọ́n lè sọ òótọ́ lórí fóònù, àmọ́ tó bá di kíkọ, wọ́n á sáré padà sídìí “àwọn tó wá dára púpọ̀.”

Ọmọbìnrin kan láti Mushin tí ẹ jọ ṣe intafíù lọ́jọ́ yẹn ba nǹkan jẹ́ níbí yìí. Mẹ́tàlá lòun gbà, o jù ú lọ. Ó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ló wá kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin yìí:

“Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n dé ìpele tó kẹ́yìn. Mo ti gba ìpinnu yín, n kò ní kí ẹ yí i padà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: nínú iṣẹ́ owó epo tí ẹ gbé fún mi, kí ni ì bá ti mú kí ìṣirò mi dá ọ̀gá ẹ̀ka lójú? Bí kíkọ rẹ̀ bá nira, ẹ lè pè mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Ó kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò tiẹ̀ ṣépè. Wọ́n pè é ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n sì lo ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n ní ó fi lítà mẹ́rin fún ọ̀kadà kan lójúmọ́ ṣe ìṣirò, ìyẹn lítà méjìdínláàádọ́ta fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìméfò ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi bi í. Tó bá jẹ́ lítà mẹ́fà ni wọ́n ń mu ní tòótọ́, méjìléláàádọ́rin ni ì bá jẹ́, owó tó ló máa dín kù á sì yàtọ̀. Wọ́n ní nígbà míì, kó gbé ìméfò rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kó sì sọ ohun tó máa yí padà bí ìméfò náà bá kùnà. Wò ó, ó wá ní ohun tó máa tún ṣe. Ìyà ńlá nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí wọ́n bá ṣèèṣì dá ọ lóhùn, já a ní koro

Ká ní àánú ṣe àǹtí, ó sì kọ ọ́ pé, “Wọ́n ní ìṣirò yín ò ní ìpìlẹ̀.” Má sọ pé “ẹ ṣeun.” Bí o bá dúpẹ́, ó lè fi gbólóhùn kejì kún un. Fi ojú ewé mẹ́ta ránṣẹ́ láti fi hàn pé ìṣirò rẹ ní ìpìlẹ̀. So èsì ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì rẹ mọ́ ọn, èyí tó ní A nínú ìṣirò. Rán an létí pé ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Pe òfin tí o ò kà

Òfin kan wà lóòótọ́, ó sì dára tó láti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni ní Nàìjíríà. Ó fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀dà ìsọfúnni nípa rẹ tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ní Yúróòpù, ọ̀gbẹ́ni Peter Nowak, ará Áyálàńdì tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣírò-owó, fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ìwé ìdáhùn òun. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé ìdáhùn ẹni àti ohun tí olùdánwò kọ sí i lára jẹ́ ìsọfúnni nípa ẹni yẹn. Ìdájọ́ yẹn ò de ilé-ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa òun nìkan ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu.

Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Máàkì ẹni tí wọ́n mú ni kí o béèrè, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò tó ń gbé, nítorí ìyẹn ni òfin kan náà ní kí wọ́n má fún ọ. Ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá láàárín wákàtí méjì. Fi kún un pé ẹ máa pàdé ní ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ náà ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé lọ́yà jókòó tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lọ síbẹ̀

Lọ́jọ́ Ajé, mú ìyá rẹ dání. Kí ó gbé mọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ keje: Máa retí

Ẹni tí wọ́n mú lè má pẹ́. Nínú oṣù mẹ́ta ìdánwò, iṣẹ́ míì lè yọ sí i ní Erékùṣù tàbí ní Kánádà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í tún kéde nígbà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ṣí ìwé máàkì, wọ́n á pe ẹni tó ṣìkejì. Mẹ́rìnlá rẹ ló ṣìkejì. Àǹtí rí orúkọ rẹ, ó rántí ojú ewé mẹ́ta, ó rántí mọ́ọ̀tì, ó sì fi ìka rọra sún ìwé náà sókè, ó dé orí mẹ́tàlá.

Bó o bá pàdé ọmọbìnrin Mushin yẹn lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí káàdì ilé-iṣẹ́ náà so mọ́ ọn lọ́rùn, kí i dáadáa. Bi í pé kí ló ṣe tí wọ́n fi mú un. Tó bá ti ní, “Ẹ ò rí i, bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ epo yẹn,” já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu.