Kò Burú, Alájì

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwa aránṣọ, kò sí èyí tó ń ná wa lówó tó "kò burú". Oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn Niamẹ, á ní kí iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá òun sọ̀ kalẹ̀ dé àpò. A ó ní kò burú. Á padà wá, á ní ẹ̀yìn agbádá náà ṣófo jù, kò burú. Á ní ká wò ó bóyá aṣọ tó ṣẹ́ kù lè tó bùbá àti ṣòkòtò ọmọ òun. Ìyẹn náà, kò burú. Ìgbà tí Tábáskì bá ku ọ̀la, tí Alájì wá gbé aṣọ rẹ̀, la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó burú. A ó máa họ orí, a ó máa fi ìka ṣírò, a ó sì dárúkọ owó kan tí bàbá náà á fi wò wá bí ẹni tó ká ọwọ́ olè mọ́ àpò ara rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ní orúkọ gbogbo wa, mi ò yọ ara mi sílẹ̀: àwa la jẹ̀bi. Owó tí à ń béèrè lè tọ́ sí wa dé sísì, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ kí a tó béèrè. Ìwé tí à ń kọ sí oníbàárà nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ sí i kì í ṣe ìwé gbèsè, ìbéèrè ni, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ. Àsìkò tó dé ló ń sọ ọ́ di ìwé ọmọlúàbí, ju gbogbo "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ má bínú" tí a bá kó sínú rẹ̀ lọ.

Òfin pàápàá ti mọ irú wa tipẹ́. Nínú ìwé òfin tí Faransé gbé kalẹ̀ ní 1804, tí Nìjẹ̀r sì jogún, abala 1793 sọ̀rọ̀ nípa akọ́lé tó gba iṣẹ́ ilé ní iye kan ṣoṣo, lórí àwòrán tí òun àti onílé ti fẹnu kò sí. Ó ní akọ́lé náà kò lè béèrè kọ́bọ̀ lé e nítorí pé owó òṣìṣẹ́ tàbí ti ohun èlò gbówó lórí. Kò sì lè béèrè nítorí àyípadà àwòrán, àfi bí onílé bá ti fọwọ́ sí àyípadà náà nínú ìwé, tí wọ́n sì ti jọ dá iye owó rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé agbádá kì í ṣe ilé, pé abala yẹn kò kan aránṣọ. Òótọ́ ni, kò kàn wá. Àmọ́ ìdí tó fi wà kàn wá gan-an: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló mọ ohun tí àfikún kọ̀ọ̀kan máa jẹ, ẹni tó ni iṣẹ́ kò mọ̀. Lójú Alájì, kí iṣẹ́ ọnà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i kò ju fífà lọ. Àwa la mọ̀ pé odidi ọjọ́ kan ni lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó mú iṣẹ́ le ló jẹ́ àfikún, ibí yìí sì ni ojúkòkòrò ti máa ń mú wa. Àfikún ni ohun tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ béèrè lẹ́yìn àdéhùn, tó sì jẹ òwú, aṣọ tàbí ọjọ́ tí a kò kà mọ́ iye àkọ́kọ́. Bí a bá wọn apá kù, tí a ní láti tú u rán, tiwa nìyẹn. Bí iná bá lọ, tiwa náà ni. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamẹ ní 26 Oṣù Keje 2023, Nàìjíríà já iná tó ń tà fún Nìjẹ̀r, òkùnkùn sì mú ìlú. Ẹni tó ti gba iṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn tó wá ń fi jẹnẹrétọ̀ rán an kò lè ki epo bọ inú àfikún. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ ọ́ gbangba pé nǹkan yí padà, kó bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ tàbí fún ọjọ́ sí i. Bí a bá da ẹ̀bẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀tọ́ nínú ìwé kan, oníbàárà kò ní gba èyíkéyìí gbọ́ nínú méjèèjì.

Ká wo agbádá Alájì yìí dáadáa. Ká sọ pé 35,000 sẹfà la dá fún agbádá, bùbá àti ṣòkòtò, iṣẹ́ ọnà ọrùn nìkan, tó ti san 20,000 sílẹ̀, tí yóò sì gbé e ní Ọjọ́rú. Ìwé tó yẹ kó gbà ní ọjọ́ tó béèrè àfikún kò ju báyìí lọ: "Alájì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn. Ohun tí a dá tẹ́lẹ̀ ni agbádá pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà ọrùn, 35,000 sẹfà. Ẹ wá ní kí iṣẹ́ ọnà dé àpò àti ẹ̀yìn: iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 10,000, òwú 1,500. Aṣọ ọmọ jẹ́ 6,000. Fìlà tí ẹ béèrè, ẹ̀bùn ni, mi ò gba nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ di 52,500 sẹfà. Ó ku 32,500, yóò sì bọ́ sí Jímọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ká dúró lórí ti àkọ́kọ́, iye àti ọjọ́ ti àkọ́kọ́ kò yẹ̀. Èsì yín ni mo ń dúró dè kí n tó fọwọ́ kan án." Ẹ wo fìlà yẹn. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀bùn, lọ́dún tó ń bọ̀ yóò ti di ẹ̀tọ́. Ẹ tún wo sẹfà tí a dárúkọ, nítorí dala ni wọ́n fi ń ka owó lẹ́nu ní ọjà Niamẹ, dala kan sì jẹ́ sẹfà márùn-ún. Ẹni tó bá sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ló lé, tí kò sọ pé dala ni, 17,500 sẹfà ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dé láti Ọ̀fà láìpẹ́ lè máa ka 3,500 sílẹ̀.

Wọ́n á ní oníbàárà wa kì í ka ìwé. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, kó dá yín lóhùn lórí ẹ̀ náà. Ohùn rẹ̀ ni ìfọwọ́sí rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n ẹni ni, ìtìjú ni kí a máa kọ ìwé owó sí ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìtìjú wo ló tó kí àbúrò máa na ọwọ́ lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, lórí owó tí ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ rí? Àtakò tó wúwo jù ni pé ìwé yìí lè lé oníbàárà sá: ó lè rí 17,500, kó ní ká fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìwé náà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Alájì tó kọ̀ lónìí, owó tí a kò tíì ṣiṣẹ́ fún ló kọ̀. Èyí tó bá kọ̀ nígbà tí Tábáskì ku ọ̀la, ọjọ́ iṣẹ́ ti lọ, òwú ti lọ, agbádá tí a wọ̀n mọ́ ọn lára kò sì bá ẹlòmíì mu. A ó gba ohun tó bá fún wa, a ó sì tún sọ fún un pé kò burú.