Táíwò Tí Ń Jẹ́ Kẹ́hìndé

Táíwò ni orúkọ bàbá bàbá mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ bàbá mi sínú rẹ́jísítà ilé ìwé, wọ́n bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní Táíwò, bí Táíwò ṣe di orúkọ ìdílé wa nìyẹn. Ọmọ Ìgbó-Ọrà sì ni wá, níbi tí ẹni tí kò bá bí ìbejì ti mọ ẹni tó bí i. Ìyá mi náà bí méjì. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ń jẹ́ Táíwò Táíwò, èmi tí mo tẹ̀ lé e ń jẹ́ Táíwò Kẹ́hìndé. Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣàwàdà, kó lọ bi àwọn olùkọ́ tó máa ń pe orúkọ wa ní àárọ̀.

Orúkọ yìí kò dá wàhálà kankan sílẹ̀ fún mi ní yunifásítì, àfi ìgbà tí wọ́n lẹ àkójọ àwọn tó fẹ́ gboyè mọ́ pátákó ìkéde. Wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe kó kọ̀wé sí Réjísírà, kó gba ọwọ́ olórí dípátímẹ́ǹtì rẹ̀ kọjá, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nítorí pé ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ń lọ sílé ìtẹ̀wé ní Ọjọ́ Ajé. Ìpele oyè ni wọ́n fi pín àkójọ náà, wọ́n wá fi orúkọ ìdílé to àwọn tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan láti A dé Z. Mo lọ tààrà sí T lábẹ́ Sẹ́kọ́ńdì Kíláàsì Ọ́pà. Kò sí mi níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí T ti Lówà, kò sí mi. Mo dé Tọ́ọ̀dù Kíláàsì, òógùn bò mí, kò sí mi. Mo tilẹ̀ yẹ ìpele tó kẹ́yìn pátápátá wò, mo sì ti ń to ohun tí màá sọ fún bàbá mi nígbà tí ọmọ kíláàsì wa kan gbá mi léjìká: “Kẹ́hìndé, kí lò ń wá ní T? K ni wọ́n fi ẹ́ sí.”

Lóòótọ́, abẹ́ Lówà ni mo wà: KEHINDE, Taiwo.

Ọ̀rọ̀ tí ìlà márùn-ún tó fún ni. Ṣùgbọ́n Ṣóyínká ni wọ́n ń pè mí ní họ́sítẹ̀lì, ẹni tó bá sì ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè kọ ìlà márùn-ún sí Réjísírà. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ìkínní ni mo fi kí wọn. Ìkejì ni mo fi ṣàlàyé pé Táíwò ló wá tọ́ ayé wò, pé Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́, nítorí náà Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Mo tún mẹ́nu ba Dókítà Nylander, tó ṣèwádìí nípa ìbejì ní Ìgbó-Ọrà, tó rí nǹkan bí ìbejì 45 nínú 1000 ìbímọ. Ojú ìwé kẹta ni mo tó dé ibi tí mo ń lọ. Mo wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ àkọlé rẹ̀ sókè: ÌBÉÈRÈ FÚN ÌYÍPADÀ ORÚKỌ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, orí mi wú.

Olórí dípátímẹ́ǹtì kò ka ju àkọlé lọ. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun fi ránṣẹ́, ó fọwọ́ sí i. Ní ọ́fíìsì Réjísírà, ìyá kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn gbà á, òun náà ka àkọlé, ó fà á sínú fáìlì kan, ó sì na ìwé pélébé kan sí mi. Mo ní láti lọ búra ní kóòtù gíga kí n gba afidáfíìtì, kí n kéde nínú ìwé ìròyìn pé orúkọ tí mo ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ rèé, èyí tí mo fẹ́ máa jẹ́ rèé, kí n sì mú ojú ewé tó gbé ìkéde náà wá.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni màá ṣe rí gbogbo èyí kó tó di Jímọ̀?”

“Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo ní kí o yí orúkọ padà?”

Mo ní n kò yí nǹkan kan padà, orúkọ mi gan-an ni mo ń wá. Ó fi awò sójú, ó ka ojú ìwé kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún gbogbo ọ́fíìsì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Dókítà Nylander, ọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gbé orí lé tábìlì. Ó béèrè bóyá èmi ni ẹ̀gbọ́n ara mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán ni ìyá yìí wá là mí lóye. Ó ní bí lẹ́tà kan bá yingin nínú orúkọ, tàbí tí orúkọ ìdílé bọ́ sí ipò orúkọ àbísọ, àtúnṣe lásán ni. Ohun tí wọ́n máa wò ni orúkọ tí mo gbé wọlé: ìwé ìgbaniwọlé Jámbù, ìwé ẹ̀rí Wáẹ́ẹ̀kì, àti fọ́ọ̀mù tí mo kọ ní ọdún kìíní. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, kò sóhun tó kan kóòtù, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn ni àṣìṣe náà ti wá. Ẹni tó bá fi orúkọ tó gbé wọlé sílẹ̀ gba òmíràn, bóyá torí ìgbéyàwó tàbí torí pé kò fẹ́ “Ifá” mọ́ nínú orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n ń rán lọ sí kóòtù.

Ó wá fa àkójọ tí dípátímẹ́ǹtì wa fi ránṣẹ́ yọ. “Taiwo Kehinde” ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kò sí kọ́mà láàárín méjèèjì. Orúkọ méjì tó jọ orúkọ àbísọ ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà rí, ó sì mú èyí tó kẹ́yìn ní orúkọ ìdílé.

Ó dojú ìwé kẹta mi dé, ó kọ lẹ́tà tuntun sẹ́yìn rẹ̀ kí n lè dà á kọ: àkọlé, Àtúnṣe sí Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Orúkọ, nọ́ńbà mátíríìkì àti dípátímẹ́ǹtì mi, ohun tó wà nínú àkójọ, bó ṣe yẹ kó rí, kí orúkọ ìdílé wà ní lẹ́tà ńlá, kí kọ́mà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fọ́tókọ́pì mẹ́ta tí mo so mọ́ ọn. Kò tó ojú ìwé kan. Ó ní kí n mú ẹ̀dà méjì wá, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí màá mú lọ, kí n lè rí nǹkan fi hàn bí wọ́n bá ní àwọn kò gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi.

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni olórí dípátímẹ́ǹtì ti fọwọ́ sí tuntun náà ní ọ̀sán Jímọ̀, ó ń sáré lọ kírun. Mo gba òǹtẹ̀ mi.

Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, a ṣí ìwé tí wọ́n tẹ̀ náà. TAIWO, Kehinde wà lábẹ́ T, kọ́mà rẹ̀ dúró ṣánṣán. KEHINDE, Taiwo sì tún wà lábẹ́ K. Wọ́n ti fi mí sí ibi tuntun lóòótọ́, kò sẹ́ni tó yọ mí kúrò ní ti àtijọ́. Nínú lẹ́tà náà, a kò rántí kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kì í sì í gbé nọ́ńbà mátíríìkì, kò sóhun tó máa sọ fún òǹkàwé pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì.

Èkejì mi, tó ń rán aṣọ ní Mọ́kọ́lá, tí kò jókòó ní yunifásítì rí, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní Táíwò tó wà lábẹ́ K yẹn, òun ni. Ó yá gáùn mi, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá wa. Lẹ́yìn náà ló tún ìwé wò dáadáa, ó sì bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fún òun ní Lówà.