Bí A Ṣe Ń Dá "Gúdù Mọ́nìn" Lóhùn: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Ń Ta Oògùn

Ìwé yìí kì í ṣe fún ọlọ́gbọ́n. Ìwọ tí o ń dúró lẹ́yìn káńtà ilé oògùn, tí o gbà pé èdè tí ènìyàn fi kí ọ náà ni ó fi ń gbọ́ràn, ìwọ ni mo kọ ọ́ fún. Fara balẹ̀ kà á, kí o má baà ṣèèṣì ṣe nǹkan tó dáa.

Ká ní ìyá àgbà kan wọlé láàárọ̀. Ó wé gèlè, ó mú ìwé tí dókítà kọ dání, ó sì fẹ̀rín sẹ́nu kí ọ pé, "Gúdù mọ́nìn, dókítà." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Òyìnbó ni màmá fẹ́, Òyìnbó ni kí o fún un. Má wulẹ̀ bi ara rẹ léèrè ìdí tó fi kí ọ bẹ́ẹ̀, torí ibi tí òmùgọ̀ ti máa ń ṣìnà nìyẹn: bó bá bi ara rẹ̀, ó lè rántí pé kóòtù funfun ni màmá ń kí. Ẹni tí kò kọjá pámárì tuù náà ti dìde lẹ́ẹ̀kan rí láti kí tíṣà ní Òyìnbó. Látìgbà náà ni ó ti mọ̀ pé bí ibi kan bá ní tábìlì, ìwé àti ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló fi ń wọlé. Kò tíì yan èdè kankan, kò tíì sí ohun tó wúwo láti fi èdè gbé.

Nítorí náà, má dúró de gbólóhùn rẹ̀ kejì. Gbólóhùn kejì ni ó máa ń tú àṣírí. Ẹni tí Òyìnbó rọ̀ lẹ́nu á sọ ohun tó ń ṣe é àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí Òyìnbó rẹ̀ tán sórí ìkíni á na ìwé sí ọ, á dákẹ́, á sì máa mi orí. Bí ó bá mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá, wo ojú rẹ̀ bí o bá ti ń sọ̀rọ̀: ọmọ náà ni màmá á máa wò, kì í ṣe ìwọ. Ṣùgbọ́n kí ni tìrẹ? Kọjú sí kọ̀ǹpútà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ oògùn. Ibà ni wọ́n rí lára màmá, oògùn ibà tí wọ́n fi atẹmítà àti lumẹfantíríìnì pọ̀ ṣe ni dókítà kọ, páálí àgbàlagbà, oníhóró mẹ́rìnlélógún. Fún ẹni tó bá wọn kílò 35 sókè, hóró mẹ́rin ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wàhálà rẹ̀ wà ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí màmá bá lo ti àkọ́kọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ti èkejì gbọ́dọ̀ wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́jọ géérégé. Láti ọjọ́ kejì ni ó tó di ti àárọ̀ àti ti alẹ́, aago mẹ́jọ sí aago mẹ́jọ, títí di alẹ́ ọjọ́ kẹta. Atẹmítà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ti èkejì kò fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Lumẹfantíríìnì ní tirẹ̀ kì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá, nítorí náà a máa ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tàbí mílíìkì. Ẹ̀kọ mímu lásán kò tó. Kí àkàrà bá a rìn.

Sọ gbogbo èyí ní Òyìnbó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíákíá, kí èrò ẹ̀yìn má baà pọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni màmá á gbọ́. Bí ó bá gbọ́ "fọ́ọ̀" àti "ẹ́ètì", á máa lo mẹ́rin ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, páálí á sì tán ní ààjìn òru ọjọ́ kejì, kí ọjọ́ kẹta tó mọ́. Bí ó bá gbọ́ "mọ́nìn" àti "náìtì" nìkan, á lo ti àkọ́kọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, á gbé ti èkejì dúró di aago mẹ́jọ alẹ́, ibà á sì ti rí wákàtí mẹ́rin jẹ lófẹ̀ẹ́. Ti àkàrà kò ní í dé etí rẹ̀ rárá.

Kí o wá bi í ní Òyìnbó pé ṣé ó yé e. Ìbéèrè yìí ni ọba gbogbo ìbéèrè òmùgọ̀, torí ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní. Ta ni àgbàlagbà tí á dúró níwájú èrò, kí ó sọ fún ọmọdé pé kò yé òun? "Yẹ́sì, dókítà," ni màmá á wí. Má bi í ní ìbéèrè tó ní ọ̀nà méjì o, irú bíi "ṣé kí ẹ tó jẹun lẹ máa lò ó ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?" Bí o bá bi í bẹ́ẹ̀ ní Òyìnbó tí ó tún dáhùn pé "Yẹ́sì", ìwọ náà á mọ̀ pé kò gbọ́, ojú á sì tì ọ́ láti gba owó rẹ̀.

Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ń ta oògùn ní Ìbàdàn tí kò lè jẹ́ òmùgọ̀ láéláé, ẹ̀kọ́ yìí kò bá a lára mu. Bí wọ́n bá kí i ní Òyìnbó, á kọ́kọ́ dá a padà ní Òyìnbó, torí ó ní ẹni tó fi ẹ̀wù ọ̀ṣọ́ wọlé kò yẹ kí a bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Á wá fi Yorùbá lé e: "Gúdù mọ́nìn, mà. Ẹ káàárọ̀ o, màmá. Ara ńkọ́?" Á dákẹ́. Èyí tí màmá bá fi dáhùn ni á bá a lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ jìnnà ní Òyìnbó kí ó tó fura, kì í wí pé "ẹ ò gbọ́ Òyìnbó ni?" Ara rẹ̀ ni ó máa ń di ẹ̀bi rù: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo sáré sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ." Yorùbá ni á wá fi tún un sọ, bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn látilẹ̀. Nígbà tó bá tán, á ní, "Tí ẹ bá délé, tí wọ́n bá bi yín pé báwo lẹ ṣe máa lò ó, kí lẹ máa sọ fún wọn?" Bí màmá bá ti ń rò ó, ibi tí kò yé e á yọ jáde fúnra rẹ̀. Gbogbo eléyìí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìwọ má ṣe é.

Ní ìlú Mọ́ntíríà ní Kánádà, àwọn tó ń ta ọjà ti sọ irú ìkíni alápá méjì yìí di bárakú: "Bọ̀njúù, hái," Faransé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òyìnbó, kí oníbàárà mú èyí tó wù ú. Inú ìjọba kò dùn sí i, torí Faransé nìkan ni èdè ìjọba ìpínlẹ̀ Kèbẹ́ẹ̀kì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo aṣòfin ibẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ọlọ́jà máa fi "Bọ̀njúù" nìkan kíni. Ní 2019, mínísítà kan tún gbé e wò bóyá kí wọ́n fi òfin de "hái" pátápátá, kí ó tó jáwọ́. Àwọn ọlọ́jà kò yé wí i. Mi ò rí aṣòfin tiwa tó ráyè irú ìjà bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí á mú ọ bí o bá kíni ní méjì. Wá àwáwí mìíràn.

Má rò pé ọ̀dọ̀ àwọn màmá nìkan ni òmùgọ̀ ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ẹnugu wọlé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ọ̀nà méjì ni o ní níbí, èyí tó bá wù ọ́ ni kí o mú. Èkíní, da Yorùbá lé e lórí, ti Ìjẹ̀bú bí o bá ní in. Èkejì, kété tí o bá gbọ́ ohùn rẹ̀, fi Òyìnbó gé e lẹ́nu, kí ó mọ̀ pé o ti dá a mọ̀ pé kì í ṣe ara yín. Ìkíni kan tó fi ọ̀wọ̀ kọ́, ìwọ ti dá a padà sí i lọ́wọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin Ìbàdàn yẹn á kọ́kọ́ dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀, sà, ẹ kú àbọ̀," kí ó tó rọra fi Òyìnbó bèèrè ohun tó fẹ́ rà. Wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù.

Ó tún ku àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ẹni tó bá ti ka ìwé kékeré kan nípa ìbọ̀wọ̀ fún èdè abínibí á rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ òmùgọ̀. Kò tíì bọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan kí ọ ní Yorùbá tó já gaara, ó sì na ìwé oògùn ibà kan náà sí ọ. Kà á fún un bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú páálí, wákàtí lórí wákàtí, ní Yorùbá tí kò lábùlà: lo ti kẹta ní wákàtí kẹrìnlélógún, ti kẹrin ní wákàtí kẹrìndínlógójì, ti karùn-ún ní wákàtí kejìdínláàádọ́ta. Wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa dà. Ó ń fi Yorùbá ṣeré, ó ń fi í jà, ṣùgbọ́n Òyìnbó ni ó fi ń ka owó àti aago láti kékeré. Ohun tó yé e ni "ẹ́ètì láàárọ̀, fọ́ọ̀ lọ́sàn-án, tó bá di ọ̀la, ẹ́ètì sí ẹ́ètì". Èdè méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn, oògùn ò sì bínú sí ìkankan nínú wọn.

Ìwọ gbé e lé òǹkà baba ńlá wa, kí o sì máa yangàn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, màmá lè padà wá ní ọjọ́ kẹrin, kí ó ní ibà náà kò lọ. Ì bá dára kí o sọ pé kí ó mú páálí náà wá, kí o ka èyí tó ṣẹ́kù. Bí hóró mẹ́jọ bá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé ara rẹ̀ yá díẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ó bá dáwọ́ dúró, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un ní èdè tó gbọ́ pé ó gbọ́dọ̀ tán. Bí páálí bá ti ṣófo, a jẹ́ pé kí o bi í ọjọ́ tó tán, kí o sì dá a padà sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ sì ni o ń sá fún láti àárọ̀. Ta páálí mìíràn fún un.