Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣètò ìwé ní Alápẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tí iṣẹ́ kì í parí lójú rẹ̀. Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀ là ń pè é lẹ́yìn. Bí ẹ bá to àwòrán olóògbé dáadáa, á ní etí òsì kò hàn tó. Ta ló ń wá etí olóògbé?

Ìwé ètò ìsìnkú olójú-ewé 16 ló kó wa sí wàhálà. Bébà kan tí a ṣẹ́ po sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ni, nítorí náà mẹ́rin-mẹ́rin la fi ń kún ìwé tí a fẹ́ fi pín-ìn-nì gún láàárín. Ẹ̀gbọ́n ní oríkì há jù, kí á fi ojú ewé kan ṣoṣo kún un.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo. Ó máa lẹ́wà."

Oníbàárà ló máa sanwó ẹwà.

A fọgbọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ó di Ṣómólú. Wọ́n ti ṣe pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, kí fóònù tó dún: kọ́mà kan ti sọnù! Orí ló yọ wá, pléètì dúdú nìkan ni lẹ́tà dúdú wà, òun nìkan la tún ṣe.

Ìwé dé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń kọrin ìdágbére. Ẹ̀gbọ́n yẹ ọ̀kan wò, ó mí kanlẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kì í fara balẹ̀ ṣiṣẹ́."