Igi Gogoro Inú Fóònù

"Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Ìṣọ́ra ni òwe yìí fi ń kọ́ni: kí ojú tètè rí ewu kó tó dé tòsí. Gíráàfù onílà tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn ti sọ òwe náà dorí kodò. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè gan-an ni igi yìí ń gún lójú. Ẹni tó bá sún mọ́ ìdí rẹ̀, tó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ló ń bọ́.

Ọ̀pá méjì ni gíráàfù onílà ní. Ọ̀pá ìbú ló nà gbalaja nísàlẹ̀, oṣù tàbí ọdún ló sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ọ̀pá òòró dúró lápá òsì, òun ló ru iye ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Lára ọ̀pá òòró yìí ni ìtumọ̀ ìlà wà. Iye kan náà lè dà bí òkè, ó sì lè dà bí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó yan nọ́ńbà ìsàlẹ̀ àti nọ́ńbà òkè ló kù sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ya àwòrán ojú fóònù, tí wọ́n ń gé etí rẹ̀ kó lè wọ àyè, ọ̀pá òòró ló máa ń kọ́kọ́ bá a lọ. Ìlà á ṣẹ́kù, àkọlé gàdàgbà á ṣẹ́kù, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ́ngógó ọjà ní Nàìjíríà lọ́dún 2024 tó fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè náà, NBS, kéde pé ó jẹ́ 34.19 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹfà, 33.40 ní oṣù keje, àti 32.15 ní oṣù kẹjọ. Alátìlẹyìn ìjọba tó bá fẹ́ fi èyí yangàn kò nílò láti yí nọ́ńbà kankan padà. Kó ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá òòró láti 32, kó sì parí rẹ̀ sí 34.5. Lórí ọ̀pá kúkúrú yìí, ìlà á bẹ̀rẹ̀ nítòsí òkè àwòrán, á sì já wálẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Nínú gíga tó ní ní oṣù kẹfà, 93 nínú ọgọ́rùn-ún á ti lọ. Olùwòran á gbà pé ọ̀wọ́ngógó ti kú, pé ìsìnkú rẹ̀ ló kù.

Iye tó dín kù ní tòótọ́ jẹ́ 2.04, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún 34.19. Bí ọ̀pá náà bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ìlà náà ì bá kàn rọra tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ni. Ọjà fúnra rẹ̀ kò sì wálẹ̀ rárá: 32.15 túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n ń rà ní 100 náírà lọ́dún tó ṣáájú ti di nǹkan bí 132 náírà.

Fún oṣù kejìlá, NBS kéde 34.80. Ó wá kan alátakò. Òun náà á gé ọ̀pá rẹ̀ ní 32, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀ láti oṣù kẹjọ, ìlà á sì ga fíofío. Àwọn méjì tí wọn kì í jẹun nínú àwo kan náà, ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń gé ìsàlẹ̀ àwòrán.

Ní 1983, Edward Tufte, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fún àwọn òǹkàwé ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi wọn irú irọ́ yìí: kí wọ́n fi ìyípadà tí nọ́ńbà sọ pín ìyípadà tí ojú rí. Bí méjèèjì bá dọ́gba, èsì á jẹ́ 1. Nínú àwòrán alátìlẹyìn ìjọba, 93 tí ojú rí dojú kọ 6 tí nọ́ńbà sọ, èsì rẹ̀ sì ju 15 lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀pá tí a gé ni ẹlẹ́tàn gé. Excel fúnra rẹ̀ ń ṣe é láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́fà èyí tó ga jù, kò ní bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá náà láti òdo. Akọ̀wé tí kò yẹ̀ ẹ́ wò á tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀gá rẹ̀ á sì pàtẹ́wọ́ fún òkè tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òdo náà kì í ṣe òǹdè ààbò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ìwé ìròyìn National Review ní Amẹ́ríkà gbé gíráàfù kan jáde lórí Twitter nípa ìgbóná ayé láti 1880. Ọ̀pá òòró rẹ̀ gùn láti 10 nísàlẹ̀ òdo dé 110 lórí òṣùwọ̀n Fárẹ́náìtì, ìlà náà sì tẹ́jú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó yí padà láàárín àkókò náà kò tó ìwọ̀n 2 nínú 120 tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó kéré sí ìdá kan nínú ọgọ́ta gíga àwòrán. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n díẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré nínú ìgbóná gbogbo ayé. Ìgbà tí yìnyín bo apá ńlá ní àríwá ayé, nǹkan bí ìwọ̀n 10 Fárẹ́náìtì péré ni ayé fi tutù ju ti ìsinsìnyí lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ni pé: ìyípadà tó báwo ló ń ṣe nǹkan nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n yìí? Òun ló yẹ kó pinnu bí ọ̀pá ṣe máa gùn tó.

Ọgbọ́n kejì burú ju gígé lọ, ìyẹn ni kí a fún ìlà méjì ní òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwòrán kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, aṣòfin Jason Chaffetz gbé irú rẹ̀ síwájú Cecile Richards, ọ̀gá àjọ Planned Parenthood, nílé aṣòfin Amẹ́ríkà. Ìlà kan fi hàn pé ayẹ̀wò jẹjẹrẹ àti iṣẹ́ ìdènà àrùn tí àjọ náà ń ṣe lọ sílẹ̀ láti 2,007,371 ní 2006 dé 935,573 ní 2013. Ìlà kejì fi hàn pé oyún ṣíṣẹ́ lọ sókè láti 289,750 dé 327,000. Ìlà méjèèjì gba orí ara wọn kọjá, bí ẹni pé èyí ti borí ìyẹn. Ọ̀pá òòró kò ní nọ́ńbà kankan. 327,000 sì wà lókè 935,573, níwájú àwọn tó ń ṣe òfin fún orílẹ̀-èdè.

Lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, ìlà àkọ́kọ́ á wálẹ̀ gan-an, nítorí pé òótọ́ ni iṣẹ́ náà dín kù pẹ̀lú ohun tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìlà kejì á sùn sísàlẹ̀, á fi díẹ̀ gbé orí sókè, wọn kò sì ní pàdé rárá. Oríta tí wọ́n fi ń jiyàn kò sí nínú nọ́ńbà. Ayàwòrán ló là á.

Bí ìlà méjì bá pàdé nínú àwòrán, kí ènìyàn kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀pá kan náà ni wọ́n ń lò. Bí ọ̀pá bá jẹ́ méjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ibi tí wọ́n ti pàdé kò ní ìtumọ̀, nítorí sísún ọ̀pá kan díẹ̀ á gbé e lọ síbòmíràn. Bí nọ́ńbà bá wà létí ìlà nìkan, kí ó wò ó bóyá èyí tó ga jù ló ru iye tó pọ̀ jù. Bí ìlà bá sì jẹ́ ẹyọ kan, kí ó ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ọ̀pá, kó yọ nọ́ńbà ìparí kúrò lára ti ìbẹ̀rẹ̀, kó fi ti ìbẹ̀rẹ̀ pín èyí tó kù. Àwòrán tí wọ́n ti gé gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ dànù kò ṣe é ṣírò. Tábìlì ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé iye náà jáde ló yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́, kí a tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.